Àwọ̀ Ewé Tó Ràn Mọ́ Etí Àwòrán: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Kan ní Kàbà

Obìnrin kan láti Ìyàrà ní ilẹ̀ Ìjùmú wọ ilé iṣẹ́ fọ́tò wa ní Kàbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ yóò pé àádọ́rin ọdún. Ó kí wa ní "Okun o", a dá a lóhùn, ó jókòó, ó sì ṣí fọ́tò ìyá rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Bánà ni ó fẹ́ kí a ṣe, kí ìyá dúró nínú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ ní gíga ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, kí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ kírímù, nítorí pé àwọ̀ náà ni àwọn ọmọ ti yàn fún ọjọ́ náà. Fọ́tò ọ̀hún kò ní àbùkù kankan lójú àti lẹ́nu: ìyá ń rẹ́rìn-ín, ó wọ léèsì funfun tí etí apá rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, gèlè aláwọ̀ wáìnì rẹ̀ dúró dáadáa, ewú rẹ̀ sì yọ díẹ̀ lábẹ́ gèlè ní ẹ̀bátí méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti yà á ni ìṣòro wà. Gbọ̀ngàn ìjọ kan ni, wọ́n fi pẹ́ńtì aláwọ̀ ewé tó ń dán kun ògiri rẹ̀, ìyá sì dúró débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri náà.

Iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo fi gígé fọ́tò náà lé ọmọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́. Ó fi Quick Selection yan ìyá nínú Photoshop, ó sọ ohun tó yàn di máàsìkì, ó sì tẹ́ àwọ̀ kírímù sábẹ́ rẹ̀. Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí, máàsìkì ni àwòrán funfun, dúdú àti eérú tí a so mọ́ léyà, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ìpele tí a ń tò léra láti fi ṣe àwòrán: ibi tó bá funfun ni léyà yóò ti hàn, ibi tó bá dúdú ni yóò ti fara pamọ́, ibi tó bá sì jẹ́ eérú, léyà yóò hàn díẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà yóò sì hàn díẹ̀. Bí ọmọ náà ṣe tẹ́ kírímù sábẹ́, ó rí ìlà ewé tín-ín-rín tó yí ìyá ká láti gèlè dé bàtà. Ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ó wọ Select and Mask, ó fa Shift Edge sí −40 kí etí máàsìkì lè sún wọ inú, ó sì fi Feather 3 rọ etí náà. Ó wá pè mí kí n wò ó, On Black ni ó sì fi wò ó, èyí tí í fi dúdú sí ẹ̀yìn àwòrán. Mo wò ó fìrí, mi ò rí ewé kankan, mo ní kí ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ bánà ní Lọ́kọ́ja. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yẹn, kì í ṣe òun, nítorí pé ewé tó ṣókùnkùn kì í fara hàn lórí dúdú, bẹ́ẹ̀ sì ni mo mọ̀ pé orí kírímù ni àwòrán náà ń lọ.

Nígbà tí bánà dé, a tú u sílẹ̀ níwájú obìnrin náà. Ó wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, irun màmá wa dà? Kí sì ni ewé tó wà léjìká wọn yìí?" Òótọ́ ni ó sọ. Ewú tó wà ní ẹ̀bátí ti lọ, gèlè sì wá dà bí àkẹtẹ̀ tí a dé mọ́ orí láìsí irun lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ewé tí a torí rẹ̀ gé irun náà kò kúrò. Ó ṣì wà létí léèsì, ó wà lẹ́bàá àgbọ̀n, Feather sì ti tàn án ká débi pé ó dà bí èéfín. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní èmi ni yóò san owó bánà kejì, mo sì jókòó ti iṣẹ́ náà fúnra mi.

Kí n tó fọwọ́ kan máàsìkì, mo béèrè fáìlì tí a lò. Ọmọ iṣẹ́ mi ní èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun ni. Gígùn rẹ̀ jẹ́ píkísẹ́lì 1600 péré, ìyá fúnra rẹ̀ sì gba nǹkan bí 1200 nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún jẹ́ ínǹṣì 60, nítorí náà píkísẹ́lì 20 ló kan ínǹṣì kan, ìlà ewé tó nípọn ní píkísẹ́lì 3 lójú kọ̀ǹpútà yóò sì di nǹkan bíi mìlímítà mẹ́rin lórí bánà. Ìyẹn nìkan kọ́. Fáìlì JPEG láti inú fóònù kì í sábà tọ́jú àwọ̀ pẹ̀lú kúlẹ̀kúlẹ̀ tó fi ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Ó sábà máa ń tọ́jú àwọ̀ kan ṣoṣo fún píkísẹ́lì mẹ́rin tó wà pa pọ̀, nítorí náà ewé ògiri ti yọ́ wọ etí ènìyàn ní píkísẹ́lì kan tàbí méjì kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá, ìfúnpọ̀ tí fáìlì ń jẹ nígbà tí a bá ń fi í ránṣẹ́ sì tún ń bù kún un. Mo ní kí obìnrin náà gbé fóònù tí wọ́n fi ya fọ́tò náà gan-an wá, a sì fi okùn fa fáìlì náà jáde. Gígùn ti eléyìí jẹ́ 4000, ìyá sì gba 3000 nínú rẹ̀, ìyẹn píkísẹ́lì 50 fún ínǹṣì kan. Píkísẹ́lì 3 kan náà kò ní ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ mọ́. Kò sọ ìṣòro náà di òfo, ṣùgbọ́n ó fún mi ní irun tí mo lè rí ní ẹyọ ẹyọ.

Mo tún ìyá yàn láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ṣe máàsìkì tuntun láìsí Feather àti láìsí Shift Edge, mo tẹ́ kírímù sábẹ́ rẹ̀, mo sì sún mọ́ ọn dé 300%. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni irú ewé tí mò ń bá jà, nítorí pé ewé tó wà létí àwòrán kì í ṣe ẹyọ kan, oògùn ọ̀kan kì í sì í wo èkejì. Ọ̀nà tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ rọrùn. Mo di Alt mú, mo tẹ àwòrán kékeré máàsìkì nínú pánẹ́ẹ̀lì léyà, máàsìkì fúnra rẹ̀ sì bo gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà púpọ̀, mò ń lọ, mò ń bọ̀ láàárín máàsìkì àti fọ́tò, lórí ibì kan náà.

Ní abẹ́ gèlè lápá òsì, mo rí ibi tí máàsìkì funfun báláú tí ohun tó wà níbẹ̀ nínú fọ́tò sì jẹ́ ògiri pọ́ńbélé. Máàsìkì ló ṣì í níbẹ̀. Ó ka ògiri mọ́ ìyá. Ní ẹ̀bátí, níbi tí ewú wà, máàsìkì jẹ́ eérú, píkísẹ́lì tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ àdàlù irun àti ògiri, nítorí pé ẹyọ irun kan kò tó píkísẹ́lì kan ní fífẹ̀. Èkẹta ni èyí tó ti tan ọmọ iṣẹ́ mi jẹ: ní àgbọ̀n àti ní èjìká léèsì, máàsìkì funfun, ó sì tọ́ kí ó funfun, nítorí pé awọ ara àti aṣọ ni ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ wọ́n rí bí ewé. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ló lu ògiri tó ń dán náà, tí ó gba àwọ̀ rẹ̀, tí ó sì ta padà sára ìyá. Ẹni tó bá ti fọ aṣọ aláró pọ̀ mọ́ aṣọ funfun rí yóò mọ̀ pé èyí tó bá ti ràn wọ inú òwú, kò sí bí a ṣe lè gé etí aṣọ náà tó tí yóò fi kúrò. Bí a bá ń fa Shift Edge wọ inú nítorí irú ewé kẹta yìí, ara ènìyàn ni a ń gé, ewé yóò sì máa bá wa lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ewé ẹ̀bátí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe kàyéfì pé máàsìkì àwọn dára, kí ló dé tí etí ṣì ń tàn ewé. Máàsìkì tó jẹ́ eérú 50% ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ìdajì píkísẹ́lì yìí nìkan ni kí ó fi hàn. Kò sọ fún un pé kí ó yọ ògiri kúrò nínú àwọ̀ píkísẹ́lì náà. Bí a bá pe àwọ̀ irun ní F, àwọ̀ ògiri ní B, ìwọ̀n irun tó wà nínú píkísẹ́lì ní a, àwọ̀ tí kámẹ́rà rí yóò jẹ́ C, báyìí:

```
C = a*F + (1 - a)*B
F = (C - (1 - a)*B) / a
```

Nínú fọ́tò ìyá, ewú náà jẹ́ nǹkan bíi pupa 120, ewé 116, búlúù 110, lórí òṣùwọ̀n 0 dé 255. Ògiri jẹ́ 60, 160, 80. Kírímù tuntun sì jẹ́ 240, 228, 205. Ẹ jẹ́ kí a mú píkísẹ́lì tí irun gba ìdajì rẹ̀. Kámẹ́rà yóò rí i ní 90, 138, 95. Bí ìyá bá ti dúró níwájú ògiri kírímù láti ilẹ̀ ni, píkísẹ́lì náà ì bá jẹ́ 180, 172, 157, níbi tí pupa ti ga ju ewé lọ díẹ̀, tí ojú yóò sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ewú lórí kírímù. Ṣùgbọ́n máàsìkì 50% tí a gbé ka àwọ̀ tí kámẹ́rà rí yóò fún wa ní 165, 183, 150. Ewé ti ga ju méjì yòókù lọ. Máàsìkì kò ṣẹ̀, ó tọ́ pátápátá. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò tíì kúrò nínú àdàlù. Nítorí náà ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ ṣe, kí a kọ́kọ́ tún máàsìkì ṣe kí a lè mọ ìwọ̀n irun náà dáadáa, kí a tó wá dá F padà sípò. Bí a bá gbé ìlà kejì nínú ìṣirò yẹn ka píkísẹ́lì wa, 120, 116, 110 yóò jáde bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: níbi tí irun kò bá gbà ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, pípín pẹ̀lú 0.1 yóò sọ àṣìṣe 5 kékeré di 50, àwọ̀ tí yóò jáde kò sì ní ṣeé fọkàn tán. Ìdí nìyẹn tí Decontaminate Colors, irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nínú Select and Mask, fi ń yá àwọ̀ lọ́wọ́ píkísẹ́lì ìtòsí tí máàsìkì ti fi ọwọ́ sí pátápátá, tí ó sì ń fi wọ́n rọ́pò àwọ̀ etí, bí etí náà bá ṣe rọ̀ tó ni ìrọ́pò náà ṣe ń le tó.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló pinnu bí mo ṣe to iṣẹ́ náà. Bí máàsìkì bá funfun lórí ògiri, irinṣẹ́ náà yóò gbà pé ògiri jẹ́ ara ìyá, yóò yá ewé lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì tún kun ewú pẹ̀lú ewé. Mo ti rí ẹni tó sọ pé Decontaminate Colors kò wúlò, tí ó jẹ́ pé máàsìkì rẹ̀ ló ń bọ́ ọ ní àwọ̀ tí kò yẹ. Nítorí náà ibi abẹ́ gèlè ni mo kọ́kọ́ mú. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú tó le ní 90% kun ògiri náà kúrò lórí máàsìkì pẹ̀lú ọwọ́, mo sì tọ ìlà gèlè bí ó ṣe rí gan-an. Etí gèlè le, kò ní irun, ó kàn nílò ìlà tó mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn mo tẹ máàsìkì, mo sì wọ Select and Mask. Mo yan On Layers fún ìwòye, kí n lè máa rí kírímù gan-an ní ẹ̀yìn, dípò dúdú tó tàn mí jẹ lákọ̀ọ́kọ́. Mo fi Radius sí 0. Radius kan gbogbo etí ara lẹ́ẹ̀kan náà, bí mo bá sì fi í sí 5 tàbí 6 nítorí irun, etí gèlè àti ti bàtà yóò rọ̀ láìnídìí, ògiri yóò sì ráyè wọ inú wọn. Irun nìkan ni mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tún rò, nítorí náà mo mú Refine Edge Brush, mo sọ ọ́ di nǹkan bí píkísẹ́lì 40, mo sì fi í gba ẹ̀bátí méjèèjì kọjá, láti ibi tí irun ti ṣù jọ sí ibi tí ẹyọ tó gùn jù parí sí. Ó ṣe pàtàkì kí búrọ́ọ̀ṣì náà má gun orí awọ ojú. Nígbà tí mo ṣèèṣì kan ìpẹ̀kun ojú, ihò eérú yọ sí awọ ara níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì ní láti di Alt mú kí n fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà pa á rẹ́. K lórí bọ́tìnnì máa ń fi máàsìkì nìkan hàn ní dúdú àti funfun. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹyọ ewú ti yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìkùukùu eérú kan sì wà láàárín wọn. Ìkùukùu yẹn ni ògiri tí kọ̀ǹpútà kò dá lójú. Mo gbé Contrast sí 12, ó sì ṣú díẹ̀díẹ̀ títí tí àárín irun fi di dúdú. Mo gbìyànjú 30, irun bẹ̀rẹ̀ sí já bí òwú tó gbó, mo sì dá a padà. Shift Edge, mo fi í sí −8 péré, kí ó lè ká píkísẹ́lì tí JPEG ti ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ìgbà náà ni mo tó fi àmì sí Decontaminate Colors, mo fi í sí 100%, mo sì yan New Layer with Layer Mask fún àbájáde. Irinṣẹ́ náà ń yí àwọ̀ píkísẹ́lì padà, kì í ṣe máàsìkì nìkan, nítorí náà léyà tuntun ni ó ń fi àbájáde sí, léyà àkọ́kọ́ sì wà lábẹ́ láìfarapa. Láti mọ̀ bóyá ó yá àwọ̀ tó yẹ, mo di Shift mú, mo tẹ máàsìkì léyà tuntun náà láti pa á. Ohun tó hàn dà bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ tútù fa àwọ̀ ìyá sí ìta: ní ẹ̀bátí, àwọ̀ ewú ló nà jáde, kò sí ewé, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ etí ọ̀tún, ewé ni ó nà jáde. Mo padà sí máàsìkì, mo rí ilẹ̀ ògiri kan tó tóbi bí èékánná láàárín etí àti yẹtí tí máàsìkì ti fún ní funfun. Mo kun ún ní dúdú, mo sì tún Select and Mask ṣe láti ibẹ̀ lọ. Ìgbà kejì, ó mọ́.

Léèsì kò gbọ́ràn bí irun. Etí apá léèsì ní ihò, ògiri sì ń yọ láti inú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo fi Refine Edge Brush kékeré, bí píkísẹ́lì 15, gba etí náà, àwọn ihò tó wà ní ìta sì ṣí. Níbi tí léèsì ti bo awọ apá, Decontaminate Colors 100% lọ yá àwọ̀ awọ ara, ó sì pa òwú funfun dà sí àwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tíì. Mo gbìyànjú 50%, búráùn dínkù, ewé sì padà díẹ̀. Kò sí nọ́ḿbà kan tí yóò tẹ́ irun àti léèsì lọ́rùn pa pọ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi 100% sílẹ̀ fún orí, mo padà sórí léyà àkọ́kọ́ fún apá, mo gbé máàsìkì tuntun náà lé e, mo sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé ní ọrùn, níbi tí kò sí etí rírọ̀. Ewé tó kù lára léèsì, mo kà á mọ́ ìkẹta, èyí tí máàsìkì kò lè wò.

Fún ìyẹn, mo ṣí Hue/Saturation sórí léyà apá, mo fi Alt+Ctrl+G so ó mọ́ ọn kí ó má baà kan kírímù, mo yan Greens nínú rẹ̀, mo sì fa Saturation, ìyẹn bí àwọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó, sí −75. Léèsì funfun kò ní àwọ̀ tirẹ̀ tí yóò pàdánù, nítorí náà ewé lọ, òwú sì kù. Mo kun máàsìkì Hue/Saturation náà ní dúdú níbi gbogbo àyàfi ní èjìká àti etí apá, nítorí pé okùn àpò ọwọ́ ìyá jẹ́ ewé lóòótọ́, kò sì yẹ kí ó di eérú.

Àgbọ̀n kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú Greens kan náà níbẹ̀, awọ ara sì di bí ẹni pé eérú wà lára rẹ̀, nítorí pé bí a bá fa ewé kúrò lára awọ dúdú láìfi nǹkan rọ́pò rẹ̀, kò sí pupa tó pọ̀ tó lábẹ́ rẹ̀ láti gbé e dúró. Mo ṣí léyà òfìfo, mo so ó mọ́ léyà ìyá, mo fi í sí Color, èyí tí í gba àwọ̀ láti òkè tí í sì fi ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà lábẹ́. Mo fi Alt mú àwọ̀ awọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ìwọ̀n ìka méjì sí etí, níbi tí ewé kò dé, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí Flow rẹ̀ jẹ́ 20% kun àgbọ̀n láti ìta wá sí inú. Ìlà ojú ìyá, àmì ojú rẹ̀ àti àwọn wínníwínní àgbà wà níbẹ̀ síbẹ̀, nítorí pé òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ kò yí padà. Bí ewé bá tún jìn wọ ọrùn, mo tún mú àwọ̀ mìíràn ní ọrùn, n kò lo ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí pé ọrùn ìyá dúdú ju ojú rẹ̀ lọ.

Ìyẹ̀wò ni mo fi ìrora bánà àkọ́kọ́ kọ́. Mo tẹ́ léyà mẹ́ta sábẹ́ ìyá, kírímù, funfun àti dúdú, mo sì ń tan ọ̀kan pa èkejì ní 100%. Kírímù ń tú ewé fó, dúdú ń tú etí tó mọ́lẹ̀ jù fó, funfun sì ń fi ìkùukùu eérú tó bá kù hàn. Lẹ́yìn náà mo gé ẹ̀bátí òsì àti èjìká jáde ní píkísẹ́lì 300 sí 200, mo sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà fọ́tò 6 sí 4 ínǹṣì. Ìyẹn fún mi ní píkísẹ́lì 50 fún ínǹṣì kan, bí yóò ṣe rí lórí bánà gan-an, pẹ̀lú owó pépà kan ṣoṣo. Ọmọ iṣẹ́ mi gbé e lọ sí ìta nínú oòrùn, ó wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, mo rí ewú wọn báyìí." Èmi náà rí i. Mo sì tún rí ibì kan lẹ́yìn etí òsì tí irun ti wọ inú òjìji gèlè lórí ògiri, tí irun àti òjìji fi di àwọ̀ kan náà. Kò sí máàsìkì tó lè ya ohun méjì tí kámẹ́rà kò yà sọ́tọ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun tuntun síbẹ̀; èmi kò fẹ́ kí ìyá ẹni ní irun tí kò hù lórí rẹ̀, nítorí náà mo fi ìlà tó mọ́ parí ibẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèlè.

Nígbà tí bánà kejì dé, obìnrin náà sún mọ́ ọn dé ìwọ̀n apá kan, ó sì fi ìka tọ ẹ̀bátí ìyá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo fi ibi ẹ̀yìn etí òsì hàn án fúnra mi kí ó tó rí i, mo sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ó ní ìyá òun kì í jẹ́ kí irun ibẹ̀ hàn láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, ó sì ká bánà náà lọ sí Ìyàrà.